Kàlẹ́ńdà oṣù kan fún aránṣọ tí kò ráyè

*Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Aránṣọ ni mí ní Ìbàdàn, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì la jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, a sì máa ń rán bí aṣọ 12 jáde lọ́sẹ̀. Mo ní ojú òpó lórí Fesibúùkù àti Ínsítágíráàmù, mo sì ń fi Wasáàpù tajà. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè lọ kí n má gbé nǹkan kan síta, kí n wá gbé fọ́tò méje lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ní kí n ṣe kàlẹ́ńdà. Mo kọ ọgbọ̀n ọjọ́ sílẹ̀, n kò bá a dé ọjọ́ kẹwàá. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni mo ń délé, mo sì ní ọmọ kékeré. Báwo ni kí n ṣe é, pàápàá bí Kérésìmesì ṣe ń bọ̀ yìí?*

Ẹ kú làálàá, mà. Ọgbọ̀n ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ yẹn ló dá yín dúró. Ẹni tó bá ti fa ìlà ọgbọ̀n kó tó mọ ohun tó fẹ́ sọ, ọ̀rọ̀ ni yóò máa wá kiri lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tó ti fi máṣíìnì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ kò lágbára ìyẹn mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ti tó yín. Ẹ mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì, ẹ fi ọjọ́ yòókù sílẹ̀. Mẹ́jọ lóṣù nìyẹn, a sì lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ tán ní ìjókòó kan.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan fóònù rárá, ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ orúkọ oníbàárà àti ìwọ̀n wọn sí. Inú ìwé yẹn ni kàlẹ́ńdà wà. Ẹ wo ọjọ́ tí aṣọ gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì ti ibẹ̀ máa ka ọjọ́ bọ̀ sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká fi Kérésìmesì ọdún 2026 ṣe é.

Ọjọ́ Ẹtì ni 25 oṣù kejìlá yóò bọ́ sí. Ẹ mọ̀ ju mi lọ pé aṣọ tí oníbàárà bá gbà ní ọjọ́ 24 máa ń dá ìjà sílẹ̀: ọrùn fẹ̀ jù, apá fún, kò sì sí àyè àtúnṣe mọ́. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí gbogbo aṣọ ọdún parí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 oṣù kejìlá, kí ọjọ́ tó kù wà fún gbígbà àti àtúnṣe. Láti ọjọ́ Ajé, 30 oṣù kọkànlá, títí di 19 yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni. Bí ẹ bá ń rán 12 lọ́sẹ̀, aṣọ 36 nìyẹn. Ká ní aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan ti gba 14 nínú rẹ̀, àyè 22 ló kù fún ẹni tó fẹ́ aṣọ ọdún. Ìgbà tí 22 yẹn bá kún, tàbí ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 oṣù kejìlá, èyíkéyìí tó bá ṣáájú, ni ẹ ó ti ìwé aṣọ ọdún.

Nígbà tí ẹ bá ti mọ ọjọ́ 5 yẹn, oṣù kọkànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ to ara rẹ̀. Ohun tó sì ń ba kàlẹ́ńdà ọ̀pọ̀ aránṣọ jẹ́ wà níbí: wọ́n ń pe èèyàn wá rán aṣọ ọdún nígbà tí ọdún ti wọlé. Ìpè tó jáde ní 10 oṣù kejìlá yóò mú èèyàn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí apá yín kò ká ni yóò kó wá, ẹ ó gba owó rẹ̀, ẹ ó sì ṣẹ̀ wọ́n. Oṣù kọkànlá gan-an ni ìpè. Nígbà tí oṣù kejìlá bá dé, aṣọ tó parí lẹ ó máa fi hàn.

Ẹ tún fi ọjọ́ owó oṣù sí i. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń gba owó láàárín ọjọ́ 25 sí ìparí oṣù, owó náà sì máa ń wà lọ́wọ́ dé ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù tó tẹ̀ lé e. Ní àsìkò yẹn ni kí ẹ sọ̀rọ̀ iye owó àti àsansílẹ̀. Láàárín oṣù, nígbà tí àpò ti gbẹ, ẹ fi iṣẹ́ yín han èèyàn, ẹ dáhùn ìbéèrè wọn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa gbé aṣọ lọ bá nígbà tí owó bá dé.

Bí mo ṣe máa to oṣù kọkànlá nìyí. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 3: a ti ṣí ìwé aṣọ Kérésìmesì, àyè 22 ló wà, ọjọ́ 5 oṣù kejìlá la ó tì í, iye tí iṣẹ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ nìyí, ìdajì ni àsansílẹ̀. Ẹ kọ iye yẹn síta. Ẹni tí ẹ bá ní kó wá béèrè níkọ̀kọ̀ yóò rò pé ó ti wọ́n ju agbára òun lọ, yóò kọjá lọ. Ẹtì, ọjọ́ 6, ẹ dáhùn ìbéèrè tó pọ̀ jù lọ nínú Wasáàpù yín. Mo lè fẹ́rẹ̀ẹ́ búra pé "ọ̀pá mélòó ni kí n rà?" ni. Ẹ tẹ́ àǹkárá sórí tábìlì, ẹ na téépù lé e, ẹ sọ iye ọ̀pá tí ẹ̀yin ń lò fún ìró àti bùbá, fún kaba, fún aṣọ ọmọ ọdún márùn-ún. Èèyàn yóò fi èyí pamọ́, wọn yóò sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń lọ ọjà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 10, ẹ mú òfì. Ẹtì, ọjọ́ 13, aṣọ àtúnṣe kan, bó ṣe rí kí ẹ tó gbà á àti bó ṣe rí lẹ́yìn rẹ̀. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 17, oníbàárà kan tó wọ aṣọ yín lọ òde, tó sì gbà kí ẹ lo fọ́tò rẹ̀. Ẹtì, ọjọ́ 20, ọmọ iṣẹ́ yín lórí máṣíìnì, ọwọ́ rẹ̀ àti ojú rírán nìkan, láìsí ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 24, owó oṣù ti ń wọlé bọ̀: ẹ ka àyè tó kù nínú ìwé yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Bó bá ku mẹ́sàn-án, ẹ sọ mẹ́sàn-án. Ẹtì, ọjọ́ 27, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Nǹkan kan yóò ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láàárín oṣù tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, àyè rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó rí i pé ìpè méjì péré ló wà nínú mẹ́jọ. Ẹni tó bá ń sọ "ẹ wá rà, ẹ wá rà" lẹ́ẹ̀mẹjọ lóṣù, àwọn tó ń tẹ̀ lé e yóò kọ́ bí a ṣe ń yí ojú kọjá lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọjọ́ 10, kí ẹ rí bí ọ̀kan ṣe ń di odindi. Òfì jẹ́ aṣọ tí wọ́n hun ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n sì rán pọ̀. Tí àlùmọ́gàjí bá ti gé e, òwú etí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, oníbàárà kò mọ̀ ọ́n, òun ló sì fi ń béèrè ìdí tí owó ìránṣọ òfì fi ju ti àǹkárá lọ. Kí ọmọ iṣẹ́ di fóònù mú ní òró, kó ya fídíò etí òfì tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, kí ìka yín fa òwú kan yọ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó ya ibi tí ẹ ti ń dí etí yẹn lórí ẹ̀rọ, kó sì ya inú aṣọ tó ti parí, níbi tí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ọ̀rọ̀ tó máa wà lábẹ́ rẹ̀ lè rí báyìí:

"Ẹ wo bí etí òfì ṣe ń tú kété tí àlùmọ́gàjí kàn án. Ìdí nìyí tí a fi ń dí gbogbo etí rẹ̀ kí a tó so ó pọ̀, tí a sì ń tẹ́ inú rẹ̀ kó má baà họ yín lára. Ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ju ti àǹkárá lọ, nítorí náà ẹ tètè gbé e wá. Tí ẹ bá ní òfì nílé fún ọdún, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí wa lórí Wasáàpù, a ó sọ ohun tó lè dà fún yín."

Nǹkan mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ohun tí ojú rí, ìdí rẹ̀, àti ohun kan ṣoṣo tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pe yín, kí wọ́n tẹ̀ lé yín, kí wọ́n sì pín in fún ọ̀rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, wọn kò ní ṣe ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ibi tí àkókò ti ń ṣòfò jù ni fọ́tò, nítorí náà ẹ má fi ṣe iṣẹ́ alẹ́ láé. Ẹ sọ ọ́ di ara iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín, kí ó jẹ́ ojúṣe rẹ̀ pé aṣọ kankan kò gbọ́dọ̀ jáde láìsí àwòrán mẹ́ta: ìgbà tí wọ́n gé e lórí tábìlì, ìgbà tó wà lábẹ́ abẹ́rẹ́, àti ìgbà tó parí, lára dọ́ọ̀lì tàbí lára ẹni tó ni ín. Kó kọ́kọ́ fi aṣọ mímọ́ nu ojú kámẹ́rà fóònù, torí epo ọwọ́ ló ń mú fọ́tò ṣe bàìbàì ju bí fóònù ṣe dára tó lọ. Kó gbé dọ́ọ̀lì sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ní àárọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ ìta bọ́ sí iwájú aṣọ. Tó bá yà á sí inú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ gílóòbù, àwọ̀ léèsì yóò yí padà, oníbàárà yóò sì ní àwọ̀ tí òun rí kọ́ nìyí.

Fóònù ọmọ iṣẹ́ ni àwòrán sábà máa ń wà, Wasáàpù ni yóò sì fi ránṣẹ́ sí yín. Bó bá fi í ránṣẹ́ lásán, Wasáàpù yóò fún un pọ̀, ojú rírán yóò sì parẹ́. Kó fi ránṣẹ́ bíi `Document`, tàbí kó tẹ `HD` kó tó fi ránṣẹ́. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan lórí fóònù yín, kí orúkọ rẹ̀ jẹ́ ti oṣù náà. Bí aṣọ 12 bá jáde lọ́sẹ̀, àwòrán 36 ni yóò wọlé, mẹ́jọ péré ni ẹ sì nílò lóṣù. Yíyàn ló máa kù, wíwá kiri ti parí.

Ọ̀rọ̀ kan lórí àṣírí oníbàárà. Ẹ bi ẹni tó ni aṣọ léèrè kí ẹ tó gbé ojú rẹ̀ síta, ẹ sì kọ "ó gbà" tàbí "kò gbà" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé, kí ọmọ iṣẹ́ má baà ṣèèṣì. Aṣọ ìyàwó àti aṣọ ẹbí kò gbọ́dọ̀ hàn kí ọjọ́ òde náà tó kọjá, bí ẹni tó ni ín tilẹ̀ gbà. Mo ti rí ibi tí ìyá ìyàwó ti kọ́kọ́ rí aṣọ ọmọ rẹ̀ lórí fóònù ẹlòmíràn, kò sì dùn mọ́ ọn nínú. Bákan náà, ẹ má ṣe gbé àwòrán iṣẹ́ ẹlòmíràn tí ẹ rí lórí ayélujára síta bí ẹni pé tiyín ni. Ìwọ̀nyẹn ni oníbàárà máa ń gbé wá pé kí ẹ rán fún òun, ara ẹni tó wọ̀ ọ́ nínú fọ́tò àti ara oníbàárà yín kì í sì í bára mu.

Ní báyìí, ìjókòó oṣù. Ẹ yan ọ̀sán Àìkú kan ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí ọmọ bá sùn. Wákàtí méjì ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, ìwé ìránṣọ àti bírò: ọjọ́ tí ẹ ó tì í, àyè tó kù, ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé kan ṣoṣo, ọjọ́, ohun tí wọ́n máa rí, àti ibi tí àwòrán rẹ̀ wà. Lẹ́yìn náà ẹ yan àwòrán. Ti òfì àti ti téépù lè má tíì sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ kó yà á ní ọjọ́ Ajé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò náà ni kí ẹ fi kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ wọn, gbogbo rẹ̀ papọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ máa ń ṣàn nígbà tí ọkàn bá ti wọ̀ ọ́.

Ẹ wá lọ sórí `Meta Business Suite`, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ so ojú òpó Fesibúùkù yín pọ̀ mọ́ ti Ínsítágíráàmù níbẹ̀, àmọ́ ti Ínsítágíráàmù gbọ́dọ̀ jẹ́ ti iṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní `Professional account` nínú ètò rẹ̀. Tí ẹ bá gbé àwòrán kan sí i, ẹ mú òpó méjèèjì, ẹ yan ọjọ́ àti aago, ẹ tẹ `Schedule`. Yóò jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ wà lórí máṣíìnì. Lábẹ́ `Planner`, ẹ ó rí oṣù náà bó ṣe tò. Ẹ má fi orin olórin sí fídíò, torí orin tí wọ́n gbà láàyè fún ojú òpó oníṣòwò kò pọ̀, wọ́n sì lè pa ohùn fídíò yín. Ìró máṣíìnì yín tó, ohùn yín sì dára ju méjèèjì lọ.

Ẹ má ṣe tò ti ọjọ́ 24 sílẹ̀, torí iye àyè tó kù kò tíì yé ẹnikẹ́ni ní oṣù kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí àwòrán rẹ̀ wà ní ìpamọ́, kí nọ́ńbà nìkan kù. Bí ọ̀fọ̀ tàbí ìdààmú ńlá bá sì ṣẹlẹ̀ nílùú, ẹ wọlé lọ dá èyí tó fẹ́ jáde lọ́jọ́ yẹn dúró. Fóònù kò mọ̀ pé ìlú ń ṣọ̀fọ̀.

Wasáàpù yàtọ̀, ibẹ̀ sì ni owó yín wà jù. Nǹkan tí ẹ bá gbé sí `Status` ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, nítorí náà ẹ má ṣe dá iṣẹ́ tuntun sílẹ̀ fún un. Èyí tó jáde lórí Fesibúùkù ní Ìṣẹ́gun, ẹ gbé e sí `Status` ní Ọjọ́rú. Ti Ẹtì, ẹ gbé e ní Àbámẹ́ta. Aṣọ tó ń jáde ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́ lè wà níbẹ̀ láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi nọ́ńbà yín pamọ́, tí ẹ̀yin náà fi tirẹ̀ pamọ́, nìkan ló lè rí i. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ àfiránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan, èyí tí orúkọ 256 ni òdiwọ̀n rẹ̀: kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà yín pamọ́. Nítorí náà, nígbà tí oníbàárà bá wá gba aṣọ, tí inú rẹ̀ dùn, kí ọmọ iṣẹ́ ní kó fi nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Tí `Status` yín bá dúró sí ojú èèyàn ogún bẹ́ẹ̀ ẹ ní oníbàárà ọgọ́rùn-ún, ibi tí àìsàn náà wà nìyẹn. Àwòrán yín kọ́ ló burú.

Iye ẹni tó tẹ ọkàn pupa kò lè sọ fún yín bóyá kàlẹ́ńdà ń ṣiṣẹ́. Ìwé ìránṣọ yín ni yóò sọ ọ́. Nígbà tí ẹ bá ń wọn oníbàárà tuntun, ẹ bi í pé "níbo lẹ ti rí wa?", ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ. Bó bá ní òun rí fídíò òfì, ẹ kọ "òfì". Ní ìparí oṣù, ẹ ó rí i pé nǹkan kan nínú mẹ́jọ mú èèyàn wá, òmíràn kò mú ẹnikẹ́ni wá bó tilẹ̀ gba ọkàn pupa púpọ̀. Èyí tó mú èèyàn wá, ẹ tún un ṣe ní oṣù tó ń bọ̀ pẹ̀lú aṣọ mìíràn. Fún oṣù kan ṣoṣo, ẹ má tíì dá ẹjọ́, nítorí ẹni tó rí yín ní oṣù kọkànlá lè má gbé aṣọ wá títí di Àjíǹde.

Bí ọmọ bá ṣàìsàn tàbí iná kò wá fún ọ̀sẹ̀ kan, tí ẹ kò sì lè ṣe gbogbo mẹ́jọ, ẹ kọ́kọ́ ju ti ọjọ́ 13 nù, lẹ́yìn náà ti ọjọ́ 20, ẹ má sì padà wá gbé wọn síta lẹ́ẹ̀kan náà láti fi san gbèsè. Ti ọjọ́ 3 àti ti ọjọ́ 24 ni ẹ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó bọ́. Tó bá sì di 5 oṣù kejìlá, tàbí tí 22 bá kún ṣáájú, ẹ kọ "a ti ti ìwé aṣọ ọdún" síta lórí gbogbo òpó yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ fi kún un pé ẹni tó bá fẹ́ aṣọ oṣù kìíní lè fi orúkọ sílẹ̀.